Ọjọ́bọ̀ méjì, nọ́ńbà kan: bí ìpàdé Màmá ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn ògbufọ̀ mélòó kan ṣètò àsìkò. Ìbàdàn ni mo wà. Ọ́fíìsì tó bá nílò ògbufọ̀ Yorùbá, ìbáà jẹ́ ní Àmẹ́ríkà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, á kọ̀wé sí wa. A ó wo ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, a ó dá ọjọ́ àti aago, ògbufọ̀ á sì bá wọn wọlé lórí fídíò. Àwa méjì péré la wà nídìí ètò náà, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti lo ọdún méjì lọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024. Mo ti yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kàn kúrò níbẹ̀.

Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan ní Àtìláńtà ló bẹ̀ wá níṣẹ́. Màmá àgbàlagbà kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò fẹ́ gbà lẹ́nu rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí Màmá fọwọ́ sí i. Ọmọ Èkìtì ni Màmá, Èkìtì ẹnu rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ògbufọ̀ tí kò bá gbọ́ ju Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń sọ lọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa bọ́ sílẹ̀ kó tó dé etí rẹ̀. Nínú àwọn tiwa, ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe é bó ṣe yẹ, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó ń gbé Adó-Èkìtì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ pé nígbà tí ọjọ́ yẹ̀, kò sí ẹlòmíì tí a lè fà kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin, ímeèlì wọn dé. Wọ́n béèrè bóyá ògbufọ̀ Èkìtì wa máa ráyè fún wákàtí kan àbọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n dá rèé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an:

```
Thu 05/09/2024, 10:00 AM
```

Ẹni tó bá kọ́ ìwé kíkà ní Nàìjíríà, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ló máa rí níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ọ ní Àmẹ́ríkà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ni. Àwa ń fi ọjọ́ ṣíwájú bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ wa níwèé, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí Faransé. Àwọn ará Àmẹ́ríkà ń fi oṣù ṣíwájú. Ohun tó jẹ́ kí èyí máa mú ọmọ Yorùbá ní pàtàkì ni pé lẹ́nu, èdè wa kì í fi nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ níhòòhò. A máa ń pe ọ̀kan ní ọjọ́, a sì máa ń pe èkejì ní oṣù. Bí ẹnì kan bá yí i po, tó ní “oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹsàn-án”, etí lè rí i bí ohun àjèjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́. Ìgbà tí a bá kọ ọ́ ní nọ́ńbà tí a sì fi ìlà gé e ni orúkọ náà máa ń já bọ́. Ojú tó bá kà á á wá fi orúkọ tó ti mọ́ ọn lára padà sí i láìmọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ló gba ímeèlì náà. Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣe ní kíkún, torí kò ṣe é bí aláìbìkítà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó yẹ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wò. Ó ṣí kàlẹ́ńdà orí fóònù rẹ̀, ó lọ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, ó sì bá Ọjọ́bọ̀ níbẹ̀. `Thu` ni wọ́n kọ, Ọjọ́bọ̀ ló rí. Ìyẹn nìkan ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí bí ẹ bá ka ọjọ́ sódì, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sábà máa ń tú yín fó lójú ẹsẹ̀.

Kò dúró síbẹ̀. Ó padà sí àwọn ímeèlì àtijọ́ láti àdírẹ́sì kan náà láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́. Ó rí `25/01/2024`, ó sì tún rí `21/03/2024`. Kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sì sí oṣù kọkànlélógún, nítorí náà ọjọ́ ni àwọn ènìyàn yìí ń fi ṣíwájú bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àmẹ́ríkà ni wọ́n wà. Ó rò ó pé wọ́n mọ̀ pé Nàìjíríà la wà, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ́nà tiwa. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Mo máa ń kọ́ ènìyàn pé kí wọ́n wá nọ́ńbà tó ju 12 lọ nínú ìwé tí ẹni náà ti kọ sẹ́yìn, torí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ oṣù láéláé.

Ó wá dáhùn. Ó kọ̀wé padà pé a ti gbà á, ògbufọ̀ wa máa wà níbẹ̀ ní `Thu 05/09/2024`, aago mẹ́wàá wọn. Wọ́n dáhùn láàárín wákàtí kan pé ó dáa, wọ́n dúpẹ́. Ó pe ìyá olùkọ́ ní Adó, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án sílẹ̀. Ìyá ní ó ti di àdéhùn.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgbà tó kà á ló bàjẹ́. Ìgbà tó dáhùn ni. Ẹyọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló dá padà fún wọn. Àwọn náà kà á lọ́nà tiwọn, wọ́n rí oṣù karùn-ún níbẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹni méjì fọwọ́ sí ọjọ́ méjì lórí ìwé kan ṣoṣo. Bí ẹ bá bi èyíkéyìí nínú wọn, á ní àwọn ti fìdí ọjọ́ náà múlẹ̀, á sì fi ímeèlì hàn yín. Bí ẹnì kan bá pariwo lórí òkè tí òkè náà sì dá ohùn rẹ̀ padà, a kì í sọ pé òkè ti gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, àyè kan yọ láti rí àṣìṣe yìí. A kò lò ó. Ọ́fíìsì náà fi ọjọ́ mẹ́ta fún iṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin wa sì kó wọn sínú Google Sheets tí a fi ń tọ́jú ètò. Báyìí ni wọ́n ṣe tò:

```
04/30/2024
05/21/2024
06/11/2024
```

Ètò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, `United Kingdom`, ni a fi Google Sheets wa sí, lábẹ́ `File`, `Settings`, `Locale`. Ọjọ́ ló sì ń retí ṣáájú. Nígbà tó rí `04/30/2024`, kò mọ oṣù ọgbọ̀n, ó fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sí `05/21/2024`. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan `06/11/2024`, ìyẹn lè jẹ́ ọjọ́. Ó gbé e mì, ó sì sọ ọ́ di ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá láì sọ nǹkan kan. Bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wò, ojú lásán lè rí i: ọ̀rọ̀ lásán máa ń fara ti apá òsì àpótí rẹ̀, ọjọ́ tòótọ́ máa ń fara ti apá ọ̀tún. Nínú àwọn àpótí mẹ́ta yẹn, méjì wà lápá òsì, ìkẹta nìkan ló wà lápá ọ̀tún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa rí àwọn méjì tó fara ti òsì. Ó mọ̀ pé wọn kò tọ́, ó sì fi ọwọ́ tún wọn kọ. Ìkẹta dára lójú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń dùn mí nípa ìyẹn ni pé èyí tó dà bíi pé ó bàjẹ́ ni kò bàjẹ́, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe rí. Èyí tó dára lójú ni wọ́n ti yí padà. Àwọn méjì tó wà lápá òsì náà sì ti sọ̀rọ̀ fún wa. Wọ́n ní ẹni tó ń kọ̀wé láti ọ́fíìsì yẹn báyìí, oṣù ló ń fi ṣíwájú. Kò ronú padà sí `Thu 05/09/2024` tó ti wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó tún àpótí méjì ṣe, ó sì lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Ó wá di Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀. Ímeèlì kan wọlé tó gbé ìlà fídíò tí a máa fi wọlé lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkurú pé àwọn ń retí wa lọ́la.

Ọ̀dọ́mọkùnrin wa rẹ́rìn-ín músẹ́. “Àǹtí, ẹ wo àwọn ará ibí yìí. Wọ́n ti fi ti ẹlòmíì ránṣẹ́ sí wa. Oṣù kẹsàn-án ni tiwa.”

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì pé wọ́n ṣì í fi ránṣẹ́. Mo ní kó dúró, kó ṣí ímeèlì àkọ́kọ́ fún mi. Mo wò ó. Mo ní, “Òní ọjọ́ kélòó?”

“Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún.”

“Ọ̀la ńkọ́?”

Ẹnu rẹ̀ là láti dáhùn, ó sì pa á dé. Ọ̀la jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Àtìláńtà lákòókò yẹn jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ó ku nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlélógún. Mo pe ìyá olùkọ́. Kò sí ní Adó. Ó wà ní Ìkọ̀lé fún òkú mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀, ọ̀la ni wọ́n sì máa sin ín. Aago mẹ́ta ọ̀la, etí ibojì ni wọ́n máa wà. Ó ní, “Ọmọ mi, mi ò lè fi òkú sílẹ̀ kí n máa lọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ ní oṣù kẹsàn-án fún mi.” Kò sí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn.

Mo gbìyànjú ẹlòmíì. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan wà láàárín wa tó gbé Ìkẹ́rẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tó máa ń gbọ́ Èkìtì díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, ó sì béèrè bóyá wọ́n máa fọwọ́ sí ohun tí Màmá bá sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ẹ má fi mí síbẹ̀. Bí mo bá ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan gbọ́, orí Màmá ló máa já lé.” Mo bọ̀wọ̀ fún un. Owó tó ń wá ni, ó sì kọ̀ ọ́.

Ohun tó kù ni kí a sọ òtítọ́ fún ọ́fíìsì náà, kí a sì sọ ọ́ kíákíá, torí òwúrọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Mo pe wọ́n dípò kí n kọ̀wé. N kò ní wọ́n kọ ọjọ́ wọn sódì, torí wọn kò kọ ọ́ sódì. Mo ní a ka ọjọ́ wọn sí oṣù kẹsàn-án, a sì dá nọ́ńbà kan náà padà fún wọn láì béèrè, ẹ̀bi wa nìyẹn. Mo ní ògbufọ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ náà máa wà ní ibi ìsìnkú títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó gbé fóònù dákẹ́ díẹ̀, ó lọ bá agbẹjọ́rò, ó sì padà wá béèrè bóyá aago méjì ọ̀sán wọn á ṣe é ṣe. Ìyẹn jẹ́ aago méje alẹ́ tiwa. Mo tún pe Ìkọ̀lé. Ìyá ní bí wọ́n bá ti dé láti itẹ́ òkú, òun á wá yàrá kan jókòó sí.

Báyìí la ṣe bọ́ lọ́wọ́ àìwá pátápátá, àmọ́ a kò bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Màmá ti gba ìdajì ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láti gbé wọn wá. Ó di odindi ọjọ́. Màmá ti múra láti òwúrọ̀, ó sì ti ń rẹ̀ wọ́n kí aago méjì tó lù. Ìyá olùkọ́ wọlé láti orí fóònù nínú yàrá tí ariwo ọ̀fọ̀ ń gba ògiri rẹ̀ kọjá. Nígbà tó fi máa di ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà, Màmá ní òun fẹ́ sinmi. Wọ́n parí ìyókù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹrìnlá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè sùn kí n tó mọ ìdí tí àyẹ̀wò méjèèjì fi já wa kulẹ̀. Mo mú ti ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kọ́kọ́, torí òun ló yà mí lẹ́nu jù. Mo ṣí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, 2024: Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án, 2024: Ọjọ́bọ̀. Mo ka ọjọ́ tó wà láàárín wọn, ó jẹ́ 119. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún géérégé nìyẹn, kò lé, kò dín. Mo wá rí i pé kì í ṣe ti ọdún yẹn nìkan. Oṣù kejì nìkan ló máa ń gùn sí i lọ́dún tó bá ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọjọ́ méjèèjì yìí sì wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà àlàfo wọn kì í yí padà. Lọ́dọọdún, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà ni 05/09 máa bọ́ sí bí ẹ bá kà á lọ́nà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ohun tí gbogbo ẹni tó ń dá ọjọ́ fún ènìyàn yẹ kó mọ̀ nìyí. Nínú ọdún kan, ọjọ́ 132 ló ṣe é kà lọ́nà méjì. Oṣù méjìlá, ọjọ́ méjìlá àkọ́kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 144. Ẹ wá yọ àwọn méjìlá bíi 05/05 tí kíkà sódì wọn kò yí nǹkan kan padà. Nínú àwọn tó kù, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ máa ń ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ́tọ̀. Àmọ́ àwọn díẹ̀ wà tí kò lè yà, mẹ́ta nínú wọn sì wà bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún: 03/12, 05/09 àti 07/11, pẹ̀lú ìyípadà wọn. Lórí méjì tó kẹ́yìn yìí ni onímọ̀ ìṣirò tí ń jẹ́ John Conway gbé apá kan nínú ọ̀nà tó fi ń ṣírò ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láì wo kàlẹ́ńdà. Ohun tó mú kí wọ́n rọrùn láti há sórí fún un náà ló mú kí wọ́n léwu fún wa: bí ẹ ṣe wù kí ẹ yí nọ́ńbà náà, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà ló máa bọ́ sí. Àwọn mìíràn tún wà tó ń yí padà láti ọdún dé ọdún, bíi 01/07 àti 02/08 lọ́dún tí oṣù kejì kò bá ní ju ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ.

Àyẹ̀wò kejì rọrùn láti lóye nígbà tí mo bi ọ́fíìsì náà. Arábìnrin kan, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Abẹ́òkúta, ló ń kọ̀wé sí wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ń fi ọjọ́ ṣíwájú nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló kọ́ ọ nílé ìwé. Ó lọ bímọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Àtìláńtà gidi. Àdírẹ́sì ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n ń lò, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ ímeèlì. Àdírẹ́sì kọ́ ló ń kọ ọjọ́, ènìyàn ni. Ìlú náà kò sì tó láti fi pinnu. Ẹni tó bá ní “Àmẹ́ríkà ni, oṣù ló máa ṣíwájú” ì bá ti ṣi àwọn ìwé arábìnrin Abẹ́òkúta yìí kà. Àwọn ọmọ ogun Àmẹ́ríkà náà ń fi ọjọ́ ṣíwájú, ṣùgbọ́n lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ oṣù, kò sì ṣe é ṣì kà.

Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣe àyẹ̀wò méjì tó dára, àwọn méjèèjì sì sọ irọ́ fún un lọ́jọ́ kan náà. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, torí ó ti ń fi ọwọ́ gbá orí. Ohun tí kò ṣe ni kó bi ẹni tó mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló mọ ọjọ́ tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ̀wé, òun náà ni ẹni tó kọ ọ́. Gbogbo ohun tí a bá ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa láì bi í, àfọ̀ṣẹ ni.

Lọ́jọ́ kejì, a kọ́kọ́ wá àwọn tó ṣẹ́ kù. Kì í ṣe pé kí a kàn yí `Locale` padà sí ti Àmẹ́ríkà. Ọjọ́ tí Google Sheets bá ti gbé mì, ó ti di ọjọ́ náà. Ìyípadà `Locale` máa ń yí bó ṣe hàn padà ni, kì í yí ọjọ́ tó jẹ́ padà. A ní láti padà sí ímeèlì kọ̀ọ̀kan. Láti mọ àwọn tó yẹ kí a padà sí, a kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ àpótí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan:

```
=TEXT(C2,"ddd d mmm yyyy")
```

Ó fi `Thu 5 Sep 2024` hàn níbi tí `05/09/2024` wà. Ojú rí oṣù ní lẹ́tà, ohun tó fara pamọ́ sì jáde. Gbogbo èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ kò ju méjìlá lọ, tó sì wá láti òkèèrè, a padà sí orísun rẹ̀. `06/11/2024` tó wà lápá ọ̀tún níjọ́sí wà lára wọn.

A wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì Àtìláńtà láti béèrè nípa rẹ̀, níbẹ̀ la sì tún ti kọ́ nǹkan mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kọ ọ́ pé: ṣé ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà ni, àbí ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá? Ó fi lẹ́tà kọ oṣù méjèèjì. Èsì tó dé ni “Bẹ́ẹ̀ ni, ó dáa.” Wọn kò ka ìbéèrè náà dópin. Ọwọ́ wọn dí, wọ́n rí ọjọ́ tí wọ́n mọ̀ nínú gbólóhùn náà, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, àwọn ọjọ́ méjèèjì máa ń wà lórí ìlà tiwọn, a sì máa ń ní kí wọ́n da èyí tó jẹ́ tiwọn kọ padà fún wa pẹ̀lú oṣù ní lẹ́tà. Bí èsì bá jẹ́ “bẹ́ẹ̀ ni”, a kò tíì gba èsì, a ó tún béèrè.

Bí ìwé ìfìdímúlẹ̀ wa ṣe rí báyìí, bí mo bá gbé e sí Yorùbá, nìyí: “Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé ọjọ́ méjì sí òní, aago mẹ́wàá àárọ̀ Àtìláńtà, aago mẹ́ta ọ̀sán Ìbàdàn.” Iye ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi. Ká ní a ti kọ ọ́ lóṣù kẹrin pé “ó ku ogún ọ̀sẹ̀ ó lé ọjọ́ méjì”, ẹni tó ń retí wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní jẹ́ kó kọjá, bí kò tilẹ̀ wo nọ́ńbà ọjọ́ rárá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn àgbà. Àwọn baba wa máa ń ka òní mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí “òní ọjọ́ mẹ́jọ” fi jẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ kan máa pé. Ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ fi kà, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ náà mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń sọ fún ìyá olùkọ́ nìyẹn láti ìgbà náà, wọ́n sì máa ń tún un sọ fún mi kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ tiwa, `2024-05-09` la ń kọ, ọdún, oṣù, ọjọ́, bí ìlànà ISO 8601 tó ti wà láti 1988 ṣe là á sílẹ̀. A máa ń sọ àpótí náà di `Plain text` lábẹ́ `Format` àti `Number` kí a tó kó ọjọ́ ẹlòmíì sínú rẹ̀, kó má baà gbé nǹkan kan mì kí a tó rí i. A kì í fi irú kíkọ yìí ránṣẹ́ sí oníbàárà. Ó dára fún ìwé tí a ń tò, ṣùgbọ́n Màmá tàbí ọmọ rẹ̀ tó rí i lórí fóònù á dúró láti túmọ̀ rẹ̀. Oṣù ní lẹ́tà ni ti ènìyàn.

A tún fi ìfitónilétí kún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ọjọ́ bá ti dá. Tẹ́lẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ kan kí ìpàdé tó kò kí a tó fi ti kàlẹ́ńdà ránṣẹ́. Fún iṣẹ́ Màmá, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú tiwa bọ́ sí ìparí oṣù kẹjọ, ìyẹn lẹ́yìn tí ìpàdé náà ti kọjá fún oṣù mẹ́ta ó lé. Ká ní a ti fi ránṣẹ́ lóṣù kẹrin ni, kàlẹ́ńdà tiwọn ì bá ti gbé e sí oṣù kẹsàn-án lójú wọn, àwọn náà ì bá sì ti pariwo.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ọ́fíìsì mìíràn ní Àmẹ́ríkà kọ̀wé sí wa. `Fri 07/11/2025` ni wọ́n kọ. Mo wà nídìí tábìlì mi, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin wa tó gbé fóònù, tó ṣí kàlẹ́ńdà, tó sì bá Ọjọ́ Ẹtì ní oṣù keje, tó sì tún bá Ọjọ́ Ẹtì ní oṣù kọkànlá. Kò fọwọ́ kan àkọsílẹ̀. Kò pe ògbufọ̀ kankan. Ó kọ àwọn ọjọ́ méjèèjì sórí ìlà méjì, oṣù ní lẹ́tà, ó sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ da tiwọn kọ padà. Èsì dé ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, odindi ọjọ́ ní kíkún: ọjọ́ kọkànlá oṣù keje. Ìgbà náà ló tó gbé fóònù láti pe ògbufọ̀.